Láyípo l'Ókè Àrẹ̀mọ, àgbá l'Ọ́yọ̀ọ́: bí a ṣe ń kọ àròkọ tí kò ṣègbè lórí ohun ìrántí

Ìbéèrè kan wà tí àwọn olùkọ́ fẹ́ràn láti fi dán ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wò: "Ṣé ó yẹ kí á wó ohun ìrántí ẹni tí ìtàn rẹ̀ ní àbàwọ́n, àbí kí á fi í sílẹ̀?" Wọ́n á fi kún un pé àròkọ náà kò gbọdọ̀ ṣègbè. Ọmọ á jókòó, á fi ìpínrọ̀ méjì yin ẹni náà, á fi méjì bú u, á wá fi "oníkálukú ló ní èrò tirẹ̀" tì í. Nígbà tí ìwé bá padà dé, máàkì orí rẹ̀ kò ní tó nǹkan. Òbí pàápàá kò ní lè sọ ibi tó ti ṣìnà, torí lójú òbí, ohun tí wọ́n ní kí ọmọ ṣe náà ló ṣe yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìtumọ̀ àìṣègbè kò yé wa. Ohun ìrántí kan ṣoṣo la máa fi ṣàlàyé rẹ̀ níhìn-ín. Ìbàdàn ló wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan Ọ̀yọ́ ju bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀yọ́ ṣe mọ̀ lọ. Ilé gíga Bower ni, èyí tó wà lórí Òkè Àrẹ̀mọ, tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní Láyípo nítorí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tó ń yí po títí dé òkè.

Kí ni ohun ìrántí ń sọ?

Ohun ìrántí ni ère, ilé gíga, òkúta tí a kọ nǹkan sí, tàbí orúkọ ènìyàn tí a fi sọ títì tàbí ilé ẹ̀kọ́, tí a gbé síbi tí gbogbo ìlú ti máa rí i. Ibi tí a gbé e sí yẹn ló ń dá ìjà sílẹ̀. Bí ère ẹnìkan bá wà ní yàrá ilé rẹ̀, ta ni yóò bínú? Ṣùgbọ́n bí ó bá wà ní oríta, ohun tó ń sọ fún ẹni tó ń kọjá ni pé, "Àwa ará ìlú yìí ń bọlá fún ẹni yìí." Ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ jìyà lọ́wọ́ ẹni náà á ní, "Ẹ̀yin àti ta?"

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ máa ń kọ jù ni pé bí a bá wó ère, a ti pa ìtàn rẹ́. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Oríkì ni ohun ìrántí, òkúta ni a kàn fi ki í. Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ oríkì rí ló mọ̀ pé ẹni tó ń ki oríkì ń ṣa ohun tó fẹ́ sọ ni. Ìtàn wà nínú ìwé, lẹ́nu àwọn arókin, nínú orúkọ àdúgbò, nínú ìwé tí ìjọba tọ́jú. Bí ẹni tó ń ki oríkì bá dákẹ́, ìtàn kò tíì dákẹ́. Oríkì tiwa tilẹ̀ sàn díẹ̀ ju òkúta lọ, torí a máa ń há àlébù ẹni sáàárín ìyìn. Òkúta kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má wá ti ibẹ̀ kọ ọ́ pé wíwó ère kò ní ohun tó ń bà jẹ́. Ohun ìrántí fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí: ó ń fi hàn wá irú ẹni tí àwọn tó gbé e kalẹ̀ fẹ́ kí a bọlá fún. Bí a bá wó o láìkọ nǹkankan sílẹ̀, ẹ̀rí yẹn ló sọnù.

Kí ni àìṣègbè, tí kì í bá ṣe pípín sí méjì?

Ẹni tó ń wọn ẹrù lọ́jà Àkẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́ mọ̀ pé kóńgò ẹ̀wà kan àti kóńgò gúgúrú kan lè kún bákan náà, ṣùgbọ́n kí a gbé wọn lé òṣùwọ̀n ni. Àròkọ tó fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìpínrọ̀ méjì méjì, kóńgò ló fi wọ̀n. Ó kún dọ́gba, kò sì sọ fún wa èyí tó wúwo.

Ohun méjì ni àìṣègbè ń bèèrè. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ gbé ẹjọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ bí onítọ̀hún ṣe máa gbé e fúnra rẹ̀, kó má ba à kà á kó ní, "N kò sọ bẹ́ẹ̀." Èkejì ni kí ẹ fi ẹ̀rí wọ̀n wọ́n, kí ẹ sì sọ èyí tó tẹ̀wọ̀n jù. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹni méjì tí kò wá dá a, ó kàn fi àkókò oníjà ṣòfò ni. Kò sí ohun tó burú nínú kí àròkọ aláìṣègbè ní ìdájọ́. Ohun tó burú ni kí ìdájọ́ ti wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta tí a kì í dà pọ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àròkọ ti ń fọ́. Nígbà tí a bá sọ pé àríyànjiyàn wà lórí ohun ìrántí, ìbéèrè mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Èkíní: kí ni ẹni náà ṣe láyé rẹ̀? Èkejì: ìgbà wo ni wọ́n gbé ohun ìrántí náà kalẹ̀, kí ni ó sì túmọ̀ sí nígbà yẹn? Ẹ̀kẹta: kí ni ó yẹ kí a ṣe sí i lónìí?

Ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ á máa fò láti orí ọ̀kan sí èkejì. Á ní, "Bower yin àgbá lu Ọ̀yọ́, nítorí náà kí a wó ilé náà." Ìdáhùn ìbéèrè kìíní ló fi dáhùn ìkẹta, kò sì kan ìkejì rárá. Ẹni tó wà ní òdìkejì náà á ní, "Ilé náà rẹwà, àwọn àlejò ń wá wò ó, nítorí náà Bower kì í ṣe ènìyàn burúkú." Ẹ̀yìn ló ti gùn ún wá. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ni Bower ṣe?

Kápítẹ́nì Robert Lister Bower jẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba Èkó fi ṣe Ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Ajẹ́lẹ̀ ni aṣojú tí ìjọba òkèèrè máa ń fi sí ìlú. Ọdún 1893 ni Ìbàdàn bá Gómìnà Carter ti Èkó tọwọ́ bọ̀wé tó fàyè gba Ajẹ́lẹ̀. Ọ̀yọ́ náà ti bá Carter tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tirẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún yẹn, lábẹ́ Aláàfin Adéyẹmí Kìíní.

Ọ̀rọ̀ tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín Bower àti ààfin Ọ̀yọ́ ni ìdájọ́ tí ààfin fi jẹ ọkùnrin kan níyà lórí ẹ̀sùn àgbèrè: wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Bower ní irú ìyà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wáyé mọ́. Ààfin kò gbà pé Ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ló máa wá kọ́ Aláàfin bí a ṣe ń dájọ́ nílé Aláàfin. Ọ̀rọ̀ náà le títí, ó di pé Bower kó ọmọ ogun wá, ó sì yin àgbá lu Ọ̀yọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1895. Láti ìgbà náà ni kò ti sí ẹni tó ń ṣiyèméjì mọ́ nípa ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìjẹ̀ṣà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ní ọdún 1894, Bower yìí kan náà ló mú Ògèdèǹgbé, balógun tó ṣáájú àwọn Ìjẹ̀ṣà nínú ogun Kírìjì, tó sì fi í ránṣẹ́ sí ìgbèkùn ní Ìwó. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí a máa kọ ọ́ pé "ẹ̀gbẹ́ méjì" ló wà. Ìbàdàn ní tirẹ̀, Ọ̀yọ́ ní tirẹ̀, Ìjẹ̀ṣà ní tirẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí wọn kò bìkítà fún Bower rárá, àmọ́ tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ilé tó ti pé àádọ́rùn-ún ọdún.

Àṣìṣe kan wà tí ẹ máa rí léraléra níbí: "Bower ló fi òpin sí ogun Kírìjì." Irọ́ ni. Ọdún 1877 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò kúrò ní ibùdó. Oṣù Kẹta ọdún 1893 ni wọ́n tú ká nígbà tí Carter fúnra rẹ̀ wá, kí Bower tó di Ajẹ́lẹ̀. Ohun tí a lè kọ fún Bower ni pé òun ni Ajẹ́lẹ̀ nígbà tí àlàáfíà ọ̀hún ṣì ń rìn tẹ̀tẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó pa iná àti ẹni tó ń ṣọ́ eérú. Bí ẹ bá kọ ti àkọ́kọ́, ẹni tó mọ ìtàn kò ní gba ìyókù àròkọ yín gbọ́ mọ́.

Ìgbà wo ni wọ́n kọ́ ilé náà, kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà yẹn?

Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ilé gíga Bower. Ẹ dúró díẹ̀ lórí ọdún yẹn, torí òun ló ń ya àròkọ rere sọ́tọ̀.

Láti bí ọdún 1914, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Ìbàdàn sábẹ́ Aláàfin. Kápítẹ́nì Ross, tí í ṣe Ajẹ́lẹ̀ ní Ọ̀yọ́ nígbà náà, ni ọ̀rẹ́ Aláàfin Ládìgbòlù tímọ́tímọ́, agbára Ọ̀yọ́ sì ga láyé rẹ̀. Inú àwọn olóyè Ìbàdàn kò dùn sí i. Ọdún 1934 ni wọ́n tó yọ Ìbàdàn kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ọdún 1936 ni Baálẹ̀ Ìbàdàn gba orúkọ oyè Olúbàdàn. Ọdún 1936 yẹn kan náà ni ilé gíga tí wọ́n fi ń rántí ọkùnrin tó yin àgbá lu Ọ̀yọ́ dìde lórí òkè, bí ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà, tí gbogbo Ìbàdàn ń wò ó.

Mi ò sọ pé nítorí kí wọ́n lè fi Ọ̀yọ́ ṣẹ̀sín ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ bẹ́ẹ̀ láìní ìwé tó sọ ọ́, ó ti sọ ju ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ lè gbé. Ohun tí ọdún náà fàyè gbà kí a sọ ni pé nígbà tí ilé náà dìde, ọ̀rọ̀ Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ kò tíì tutù, àti pé kò sí bí ará Ọ̀yọ́ ìgbà náà ṣe lè wo ilé yẹn bí ilé lásán. Ẹ rí i pé a kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ a ti sọ ohun tó wúwo.

Ohun ìrántí púpọ̀ ló rí báyìí: ọdún tí wọ́n gbé e kalẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ju ọdún tí ẹni náà gbé láyé lọ. Ère Edward Colston wà ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oníṣòwò ni Colston, ó ní ipò nínú ilé iṣẹ́ tó ń kó ẹrú láti ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì fi owó rẹ̀ kọ́ ilé ìwé àti ilé àwọn aláìní. Ọdún 1721 ló kú. Oṣù Kọkànlá ọdún 1895 ni wọ́n tó ṣí ère rẹ̀, oṣù kan náà tí àgbá Bower dún l'Ọ́yọ̀ọ́. Ẹni tó ti kú láti ọdún mẹ́rìnléláàádọ́sàn-án! Àwọn ènìyàn 1895 ló nílò rẹ̀, wọ́n sì mú èyí tó wù wọ́n nínú ìtàn rẹ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹfà ọdún 2020, àwọn tó ń ṣe ìwọ́de fi okùn fà á lulẹ̀, wọ́n sì taari rẹ̀ sínú omi.

Bí ó bá jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ ti ń kọ, ọ̀nà kan náà lẹ máa gbà wo orúkọ Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá lára yunifásítì. Ẹ bèèrè ohun tó ṣe nígbà tó wà nípò Prẹ́míà títí di 1966, kí ẹ wá ya ìyẹn sọ́tọ̀ kúrò lára ìbéèrè ìdí tó fi jẹ́ ọdún 1991 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ìwé náà.

Báwo ni a ṣe ń gbé ẹjọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kalẹ̀?

Ẹ wo ìpínrọ̀ yìí, irú èyí tí a máa ń rí jù:

"Bower jẹ́ ọkùnrin tó mú ọ̀làjú wá. Àmọ́ àwọn kan sọ pé ó burú. Àwọn ará Ìbàdàn fẹ́ràn rẹ̀, àwọn ará Ọ̀yọ́ kórìíra rẹ̀. Ìjà sì ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ láyé rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò ní àlébù."

Ó dà bí ẹni pé kò ṣègbè, àbí? Ẹ tún un kà. "Mú ọ̀làjú wá" ni òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ sọ, bí òtítọ́. "Ó burú" ni ó fi sẹ́nu "àwọn kan". Ẹ̀gbẹ́ kan gba òǹkọ̀wé ní agbẹjọ́rò, èkejì gba àwọn kan tí kò lórúkọ. "Fẹ́ràn" àti "kórìíra" sọ ọ̀rọ̀ náà di ti inú dídùn àti inú bíbí, bí ẹni pé ará Ọ̀yọ́ kò ní ìdí kankan. "Kò sí ẹni tí kò ní àlébù" sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a lè sọ sí olè adìyẹ.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó fi ara pamọ́ jù ni "ìjà ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́." Ta ló jà? Ìjà kì í dédé ṣẹlẹ̀ bí òjò. Èdè wa fàyè gba kí a gbé olùṣe pamọ́, "àgbá dún", "ilé jó", ẹni tó bá sì fẹ́ gbè sẹ́yìn ẹnìkan láìjẹ́ kí a mọ̀, ibẹ̀ ló máa ń gbà. Ọ̀nà kejì ni "wọ́n" tí kò ní ojú. Mo lò ó lókè yìí, bóyá ẹ kò fura: "wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá." Àṣẹ ààfin ni. Bí ẹ bá kọ "Bower yin àgbá" lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́, tí ẹ wá kọ "wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá", Ọ̀yọ́ lẹ gbè yẹn. Ẹni tó ń kọ̀wé láti Ọ̀yọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ kọ olùṣe síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì, tàbí kí ẹ yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Kíkọ ọ́ ló dára jù.

Ẹ wá wo bí ẹjọ́ àwọn tó ní kí ilé náà dúró ṣe yẹ kó rí:

"Àwọn tó ní kí a fi ilé náà sílẹ̀ sọ pé ogun ọdún mẹ́rìndínlógún ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ká nígbà tí Bower dé Ìbàdàn, pé ọ̀nà ṣí fún oníṣòwò, kò sì tún dí. Wọ́n ní ìyà tí ààfin fi jẹ ọkùnrin náà jẹ́ irú èyí tí kò sí ilé ẹjọ́ tó máa gbà lónìí. Wọ́n tún sọ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gun Láyípo kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ń jẹ́ Bower. Ilé ìlú Ìbàdàn ló ti dà lọ́wọ́ wọn."

Ti àwọn tó lòdì sí i:

"Àwọn tó lòdì sí i kò sọ pé ìyà náà dára. Ohun tí wọ́n sọ ni pé nítorí ìyà tí ààfin fi jẹ ẹnìkan, Bower yin àgbá lu ìlú tí àwọn ìyá, ọmọdé àti àgbàlagbà ń gbé, ìlú tó ti bá Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ̀wé kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Wọ́n ní Bower kò fi òpin sí ogun. Ó bá ogun ní píparí ni. Wọ́n sì ní a kò lè sọ pé ilé kan ti di ti gbogbo ìlú nígbà tí orúkọ ẹni tó jó ìlú ẹlòmíràn ṣì wà lára rẹ̀."

Ìpínrọ̀ kejì kò sá fún ohun tó le jù nínú ẹjọ́ èkíní. Ó gbà á, ó sì dáhùn. Èyí ni àmì tí ẹ fi máa mọ̀ pé ẹjọ́ méjèèjì bá ara wọn pàdé, pé kì í ṣe pé oníkálukú ń sọ̀rọ̀ sí ògiri tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí ẹ fà lé ẹni tó sọ ọ́ lọ́wọ́: "jó ìlú". Bí ẹ kò bá ní ìwé tó sọ ohun tó jó àti bó ti pọ̀ tó, "yin àgbá lu" tó yín, torí ìyẹn kò sí ẹni tó ń jiyàn rẹ̀.

Ẹ tún wo ibi tí ẹ̀rí ti wá. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀ ìgbà náà, jẹ́ pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́. Èyí mú kí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ti wà lára àwọn tó ń jíṣẹ́ láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ọba láti parí ogun, ó sì nírètí nínú ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ṣe. Gbólóhùn kan péré tó bá sọ èyí nínú àròkọ yín ti tó. Kò pọn dandan kí ẹ wá jà á.

"Ayé ìgbà náà ló rí bẹ́ẹ̀" ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán nínú irú àròkọ báyìí: a kò lè fi ojú òní wo ẹni àná. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń dán an wò. Ẹ bèèrè pé, nígbà náà gan-an, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni rí i pé ohun náà kò tọ́? Bí gbogbo ayé bá gbà á nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n díẹ̀. Bí àwọn kan bá ti ń sọ nígbà yẹn pé kò dára, "ojú òní" kọ́ la fi ń wò ó. Lọ́dún 1895, kò sí ẹni tó ní láti dúró de ọdún 2020 kó tó sọ fún ará Ọ̀yọ́ pé àgbá kò dára.

Kí ẹ wá yí i padà, torí ibí ni a ti ń mọ ẹni tí kò ṣègbè. Ẹni tí ààfin fìyà jẹ náà kò ní láti dúró de òní kó tó mọ̀ pé ohun tí ojú òun rí kò dára. Bí "ayé ìgbà náà" kò bá gba Bower là, kò lè gba ààfin là.

Kí ni kí a wá ṣe sí i?

Ó kéré tán, ọ̀nà márùn-ún ló wà, kì í ṣe "wó o" àti "má wó o" nìkan. A lè fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. A lè yí orúkọ rẹ̀ padà. A lè kọ àlàyé mọ́ ọn lára. A lè gbé e lọ sí mùsíọ́mù. A lè wó o. Iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni láti mọ èyí tó ṣeé ṣe fún ohun ìrántí tó wà níwájú rẹ̀. Ère idẹ ni ti Colston. Wọ́n yọ ọ́ nínú omi, wọ́n sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú mùsíọ́mù ìlú náà tòun ti ọ̀dà tí àwọn olùwọ́de dà sí i. Ta ló fẹ́ gbé ilé tó ga tó ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà lọ sí mùsíọ́mù? Ọmọ tó bá kọ ọ́ pé kí a gbé Láyípo lọ sí mùsíọ́mù, ìwé tí ẹlòmíràn kọ lórí ère ló ń dà kọ.

Nípa ìpín ọ̀rọ̀: bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ 450 ọ̀rọ̀, ẹ fi bí 60 sọ ohun ìrántí náà àti ọdún rẹ̀, kí ẹ fi 100 sí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 110 wọ̀n wọ́n, kí ìdájọ́ gba ìyókù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kùnà ni ìwọ̀n yẹn; wọn á fi ọ̀rọ̀ 200 ṣe ìtàn ìgbésí ayé, ibi ìdájọ́ á wá ku gbólóhùn kan.

Ìdájọ́ tí ẹ̀rí wa gbé rèé, lójú tèmi: kí ilé náà dúró, kí wọ́n kọ àlàyé mọ́ ọn lára. Ìdí ni pé ilé náà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí 1936, pé kò ní ojú ẹnìkan lára tí à ń wólẹ̀ fún, àti pé orúkọ ló ń bọlá fún Bower, kì í ṣe àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá ní kí a yí orúkọ rẹ̀ sí Láyípo pátápátá náà lè gba gbogbo máàkì, bí ó bá ti ara ẹ̀rí kan náà gbé e dé ibẹ̀. Àròkọ tó bá dé ibi yìí á dára sí i bí ó bá lè kọ àlàyé náà síta, torí ibẹ̀ ni a ti ń rí i bóyá ọwọ́ òǹkọ̀wé mọ́. Bí àpẹẹrẹ:

"Wọ́n kọ́ ilé yìí ní 1936 ní ìrántí Kápítẹ́nì R. L. Bower, Ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1895, lẹ́yìn tí ààfin Ọ̀yọ́ tẹ ọkùnrin kan lọ́dàá, Bower yin àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́."

Ẹ fi ohun tí a sọ nípa olùṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Ààfin ló tẹ ènìyàn lọ́dàá, Bower ló yin àgbá. Oníkálukú ru ẹrù tirẹ̀. Ó ku "wọ́n kọ́". Àwọn wo ni "wọ́n"? Owó ta ni? Ta ló yan orúkọ náà, ta ni wọ́n pè sí ayẹyẹ ṣíṣí rẹ̀? Ẹni tó bá lè dé Òkè Àrẹ̀mọ, kó kọ́kọ́ ka ohun tó wà lára ògiri kó tó gun àtẹ̀gùn.